Ìrẹsì àti ọbẹ̀ nínú wọ́mà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíṣìnnì wa, ẹ ka eléyìí kó tó di ọ̀la

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa l'Útakò yìí, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí ò tíì se ìrẹsì rí nínú yín, ẹnìkan ti ṣiṣẹ́ ní búkà ní Nyanya, ẹnìkan ti ń bá wọn se oúnjẹ páátì ní Kubwa fún ọdún mélòó kan, torí náà mi ò fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń se é. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata lẹ́yìn tó ti jinná ni mo fẹ́ bá yín sọ, láti bíi aago 11:30 tá a bá gbé e sínú wọ́mà títí di aago 4 tá a bá kógbá. Láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ yẹn, oúnjẹ tó dáa lè di èyí tó ń gbé èèyàn lọ sọ́sípítù, àwọ̀ ẹ̀ ò sì ní yí padà, kò ní rùn, ẹni tó ń bù ú gan-an ò ní mọ̀.

Mo ti rí i rí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé Abuja, ìrẹsì funfun kù nínú ìkòkò ńlá lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan bò ó, ó gbé e sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, ó ní ilẹ̀ tutù. Láàárọ̀ a dà á sí ata, ó hó kútúkútú, ó ń ta sánsán, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Kó tó pé wákàtí mẹ́ta, àwọn tó jẹ ẹ́ ti ń bì. Èmi ni mo ro ata yẹn pọ̀ mọ́ ọn, mo sì rí i pé ó gbóná gan-an, ohun tó ń yà mí lẹ́nu nígbà yẹn nìyẹn, pé ṣebí a sè é dáadáa? A sè é dáadáa lóòótọ́. Àmọ́ ìrẹsì ò gba àtúnṣe lórí iná bí ọbẹ̀ ṣe ń gbà á, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀ torí òun ló fa gbogbo òfin tí mo máa kọ sísàlẹ̀.

Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Basílọ́ọ̀sì síríọ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé, àtoko ló ti ń bá ìrẹsì wá, bẹ́ ẹ ṣan ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní kúrò tán. Ó máa ń wà nínú kóró kékeré kan tó le bí irúgbìn, omi tó ń hó ò lè pa kóró yẹn. Tẹ́ ẹ bá se ìrẹsì, kòkòrò yòókù á kú, kóró yẹn nìkan ló máa kù síbẹ̀, ooru síse gan-an ló sì máa ń jí i. Tí ìrẹsì bá wá ń tutù bọ̀ tó di ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kóró yẹn á hù, á máa bí sí i, á sì máa tu oró sínú ìrẹsì. Tẹ́ ẹ bá tún gbé e kaná, iná á pa kòkòrò fúnra ẹ̀, àmọ́ oró tó ti tu sílẹ̀ kò sí iná kíṣìnnì tó ká a. Dígírì 121 fún wákàtí kan ààbọ̀ ò ba oró yẹn jẹ́, iná gáàsì wa ò sì lè gbé oúnjẹ débẹ̀. Ẹ dín in o, ẹ fi ṣe kọ́ńkọ́ṣọ́ọ̀nù o, ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, fún ìrẹsì, ohun tá a lè ṣe ò ju ká má jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́.

Ọbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tó ń yọ ọbẹ̀ ẹran lẹ́nu jù ń jẹ́ Kilọsitirídíọ́ọ̀mù pẹfírínjẹ̀ǹsì, òun náà ní kóró tí iná ò pa, àmọ́ òun ò fẹ́ afẹ́fẹ́, ìsàlẹ̀ ìkòkò níbi tí ẹran jókòó sí ló ti ń gbádùn. Láàárín dígírì 43 sí 47, ooru tí ọwọ́ yín máa pè ní "ó ṣì gbóná díẹ̀", ó lè pọ̀ ní ìlọ́po méjì láàárín bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹyọ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, tó bá fi máa di wákàtí méjì ẹyọ kan ti di 4,096. Inú ìkòkò kan ò sì lè jẹ́ ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tètè bá, tẹ́ ẹ sì jẹ́ kó hó dáadáa dé ìsàlẹ̀, iná á pa àwọn tó ti hù. Mo ní tẹ́ ẹ bá tètè bá o.

Ó dáa. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sórí ò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ gbígbóná máa ju dígírì 60 lọ, kí èyí tá a fẹ́ tọ́jú sí tútù wà lábẹ́ dígírì 5, kí oúnjẹ tó ti jinná má sì ju wákàtí méjì lọ níta láàárín méjèèjì. Nínú kíṣìnnì tiwa, dígírì 65 la ń lò dípò 60, torí a máa ń ṣí páànù ní gbogbo ìgbà, tẹmọ́mítà sì lè fi dígírì kan tàbí méjì tàn wá. Tó bá ti wá sí 65 ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan sí i, ẹ má dúró kó dé 60.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí tẹmọ́mítà

Kálukú yín á gba tẹmọ́mítà onírin tín-ín-rín kan. Láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkankan, ẹ fọ́ yìnyín sí kọ́ọ̀bù kan títí tó fi máa kún, ẹ da omi díẹ̀ sí i kó kún àwọn àlàfo, ẹ rò ó, ẹ ki ẹnu tẹmọ́mítà bọ àárín ẹ̀ láìjẹ́ kó kan ìdí kọ́ọ̀bù, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú méjì. Ó gbọ́dọ̀ ka 0. Tó bá ka 1 tàbí ó dín 1, a lè fara mọ́ ọn, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ gbé e wá fún mi, ẹ má lò ó.

Ẹnìkan nínú àwọn tó wà níbí tẹ́lẹ̀ máa ń fi omi gbígbóná yẹ tiẹ̀ wò, ó wá ní tẹmọ́mítà òun ti bàjẹ́ torí pé ó ń ka 98 dípò 100. Kò bàjẹ́. Abuja ga ju Èkó lọ, bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń ga sí i ni omi ṣe ń tètè hó, níbí ó máa ń hó ní bíi dígírì 98 àti ààbọ̀, tẹ́ ẹ bá gun òkè dé Jos bíi 96 ló máa hó. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan yìnyín, torí yìnyín ò mọ Jos yàtọ̀ sí Èkó, 0 ni níbi gbogbo.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn ìrẹsì, ẹ ki tẹmọ́mítà bọ àárín páànù, kó wọlé tó gígùn ìka àárín, ẹ dúró kí nọ́ńbà má sáré mọ́, lẹ́yìn náà ẹ wọn igun kan náà torí igun ló máa ń kọ́kọ́ tutù. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì lẹ máa kọ sílẹ̀. Fún ọbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ìpọnbẹ̀ rò ó látìsàlẹ̀ wá sókè bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Òróró tó léfòó lórí ọbẹ̀ ata wa yìí máa ń bo ọbẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìdérí, ohun tẹ́ ẹ bá wọn lókè yẹn òróró lẹ wọ̀n, ìsàlẹ̀ lè ti lọ síbòmíì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ àti omi gbígbóná nu ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ti inú ìkan bọ́ sí ìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èéfín wọn ooru. Ìrẹsì tó wà ní dígírì 50 ṣì ń yọ èéfín, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ tutù láàárọ̀, ẹ ṣí i ẹ rí èéfín, ọkàn yín á balẹ̀ sórí òfo.

Wọ́mà kì í ṣe sítóòfù

Àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyí, wọ́n á tan wọ́mà, wọ́n á gbé páànù sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á ní á gbóná tó bá yá. Wọ́mà ò lágbára àtigbé oúnjẹ sókè, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó má jẹ́ kí èyí tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ìrẹsì dígírì 50 sínú ẹ̀, á jókòó síbẹ̀ ní 50 fún wákàtí mẹ́ta, ilé kòkòrò lẹ kọ́ yẹn.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí. Aago 10:45, ẹ bu omi gbígbóná sí wọ́mà, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tútù, omi náà gbọ́dọ̀ kan ìdí páànù dáadáa torí tí àlàfo bá wà láàárín omi àti páànù afẹ́fẹ́ lẹ ń gbóná. Ẹ dé e, ẹ tàn án, tó bá fi máa di bíi 11:20 kí omi yẹn ti wà láàárín 85 sí 90. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ìgbà yẹn lẹ tó máa gbé ìrẹsì wá, ìrẹsì náà sì gbọ́dọ̀ tójú iná wá, ní 85 ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá ti sẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sì gbàgbé ẹ̀ sínú ajọ̀, ẹ dá a padà síná kó gba ooru kí ẹ tó gbé e wá. Ọbẹ̀, kó hó kẹ́ ẹ tó gbé e.

Páànù ìrẹsì wa ò jìn ju ìka mẹ́rin lọ, èmi ni mo ní kí wọ́n ra irú ẹ̀. Ẹ má kó o jọ bí òkìtì, èyí tó bá ga ju etí páànù lọ ò sí nínú wọ́mà mọ́, afẹ́fẹ́ kíṣìnnì ló wà. Bíi múdù méjì ìrẹsì tútù ló máa kún páànù kan tó bá jinná. Ìdí tá a fi ń se é ní múdù méjì méjì nìyẹn dípò ká se múdù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọjà bá sì ń yá a tún ń se òmíì. Mo mọ̀ pé ó ń ni yín lára, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe páátì ẹ fẹ́ràn ìkòkò ńlá, àmọ́ ìrẹsì tí ò pẹ́ nínú wọ́mà ò ní ráyè tutù.

Tí páànù bá sì fẹ́ẹ́ tán, ẹ má da ìrẹsì tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ gbé páànù tuntun sí i. Tẹ́ ẹ bá dà á pọ̀, èyí tó kù nísàlẹ̀ láti aago 12 á wà níbẹ̀ di aago 4, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ orí ẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ọbẹ̀.

Tí ìrẹsì bá ń gbẹ lórí, omi gbígbóná látinú kẹ́tùrù lẹ máa wọ́n sí i, díẹ̀. Mo ti rí ẹni tó bu kọ́ọ̀bù omi tútù kan sí páànù, ó fi dígírì mẹ́wàá já a wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìwé kékeré tó so mọ́ ara wọ́mà

Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹni tó ń bù á wọ̀n ọ́n, á kọ aago àti nọ́ńbà sílẹ̀. Orúkọ páànù la máa ń fi lẹ́tà kọ, A, B, D. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ohun tí ò wọ̀n, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ jẹ́ kó ṣófo. Àyè tó ṣófo máa ràn mí lọ́wọ́ ju nọ́ńbà irọ́ lọ, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹta, ooru mú, a ń retí àwọn tó ń kírun Jímọ̀ torí wọ́n máa ń dé bá wa ní bíi aago 2:15, ọjọ́ yẹn ni ọjà wa máa ń yá jù lọ́sẹ̀. A ní páànù ìrẹsì mẹ́ta níta. A àti B wà nínú wọ́mà oníná, D wà lórí tábìlì lẹ́bàá wíńdò, ẹnìkan gbé e síbẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá gbé e wọlé tí àyè bá ṣí. Gbogbo wọn jáde ní 11:40, wọ́n jẹ́ 88. Aago 12:40 wọ́n wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, A jẹ́ 72, B jẹ́ 71, D jẹ́ 66. Aago 1:15 NEPA mú iná. Jẹnẹrétọ̀ wa lè gbé firísà àti fáànù àti gílóòbù, kò lè gbé wọ́mà torí ayọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ̀ ń jẹ iná gan-an, torí náà wọ́mà kú. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀ ṣe dáadáa, ó kọ "1:15 iná lọ" sílẹ̀, ó dé A àti B, ó sì wọn méjèèjì: 68 àti 66. Aago 1:45, A di 64, B di 61. Aago 2:05, A ṣì jẹ́ 62 torí ó kún, B tó ti dín kù sí ìdajì ti di 57. Kò sẹ́ni tó wọn D látì 12:40.

Ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí. Ẹ wo bí mo ṣe ronú sí i. Ìgbà tí mo lè búra pé B ju 60 lọ gbẹ̀yìn ni 1:45, torí náà àtibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí méjì ẹ̀, ó ní títí di 3:45. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ogún ìṣẹ́jú nínú ẹ̀ ni, kò tíì ráyè tu oró tó máa ṣe èèyàn ní nǹkan, mo ní kí wọ́n dà á sí ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò, wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, rò ó lórí gáàsì, ìṣẹ́jú méjìlá ó ti di 80 láàárín, a gbé e sínú wọ́mà onígáàsì. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún páànù kan, tó bá tún jábọ́, ó ti tán. A, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tà á, àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí ti ń wọlé, ó tán kó tó di 2:40. D wá ńkọ́? Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n ní aago 3 torí àwọn èèyàn pọ̀, ó jẹ́ 44. Ọwọ́ kàn án, ó gbóná. Ó dára lójú. Ìgbà tí mo mọ̀ gbẹ̀yìn pé ó wà lókè 60 ni 12:40, látìgbà yẹn sí aago 3 jẹ́ wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé 1:30 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́, mi ò mọ̀, ìwé ò sọ fún mi, ìrẹsì tí mi ò bá sì mọ wákàtí ẹ̀ mi ò lè fún ọmọ ẹlòmíì jẹ. Múdù méjì ìrẹsì wọnú dọ́sítíbìn. Ó dùn mí gan-an torí ìrẹsì ti wọ́n, kò dùn mí tó ọjọ́ yẹn tí mo rí àwọn èèyàn tó ń bì.

Tẹ́ ẹ bá wo D dáadáa ẹ máa rí i pé kì í ṣe NEPA ló bà á jẹ́. Kò sí nínú wọ́mà rárá, ì bá tutù bí iná tiẹ̀ wà.

Torí náà tí iná bá lọ: ẹ kọ aago, ẹ dé gbogbo páànù, ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ pè mí. Ẹ má ṣí i wò léraléra pé ṣé ó ṣì gbóná, àwọn tó ń ṣí i ló ń mú un tutù. Tí wọ́mà onígáàsì bá ti kún, ẹ lo kúlà. Kúlà náà ní bó ṣe ń lọ, ẹ da omi tó ń hó sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ara ẹ̀ gbóná, ẹ da omi nù, kẹ́ ẹ tó kó ìrẹsì tó ṣì wà lókè 75 sí i kó kún dé ẹnu. Kúlà tó bá dé ìdajì máa ń tutù kíákíá. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bíi ti wọ́mà. Ìrẹsì tó ti ń tutù, ẹ má kó o sí kúlà láé, torí kúlà á bá a tọ́jú wọ́ọ́rọ́ yẹn pa mọ́ fún kòkòrò ni.

Ti ọbẹ̀

Ọbẹ̀ kì í yọ wá lẹ́nu jù nínú wọ́mà torí òróró ń gbà á sílẹ̀, kì í tètè tutù. Ẹ sáà máa rò ó ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹran tó wà nísàlẹ̀ má jókòó sójú kan. Tó bá wálẹ̀ sí 60 tí ò sì tíì ju wákàtí méjì lọ, ẹ gbé e kaná kó hó látìsàlẹ̀, kì í ṣe kí etí ẹ̀ máa ta pútúpútú, ẹ ge ẹran tó tóbi jù méjì, ẹ wọn inú ẹ̀, kó kọjá 75. Tó bá ti ju wákàtí méjì lọ, ẹ dà á nù.

Ibi tí ọbẹ̀ ti ń pa èèyàn lára ni lẹ́yìn tá a bá kógbá. Ìkòkò ọbẹ̀ tó kún, tẹ́ ẹ bá dé e tẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ nínú ooru Abuja oṣù kẹta, àárín ẹ̀ ṣì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́gànjọ́. Tẹ́ ẹ bá sì gbé ìkòkò ńlá yẹn sínú firíìjì bẹ́ẹ̀, kò ní tutù kíákíá, ohun tó máa ṣe ni pé á mú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ gbóná. Ẹ pín in sí páànù pẹlẹbẹ, kó má jìn ju ìka méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ gbé páànù sínú béésìnì omi, ẹ kó piọ́ wọ́tà tó ti dì sínú omi yẹn yí páànù ká, bíi ogún fún páànù méjì, inú omi béésìnì ni o, kì í ṣe inú ọbẹ̀, ara lílọ́ọ̀nù yẹn ti gbé ibi púpọ̀. Ẹ máa fi ṣíbí mímọ́ rò ó. Láàárín wákàtí méjì ó gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ láti 60 sí 21, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ dé 5 kó tó tún pé wákàtí mẹ́rin nínú firíìjì. Tẹ́ ẹ bá rò ó lórí yìnyín bó ṣe yẹ, 21 kì í pẹ́ rárá, kì í gbà wá tó wákàtí kan. Ẹ bò ó tó bá ti tutù, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i lórí tépù.

Láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọbẹ̀ yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n. Tí iná bá ti lọ lóru, tí ọbẹ̀ sì ju 5 lọ, tí ò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìtàn páànù D náà nìyẹn. Tó bá dáa, ẹ sè é nínú ìkòkò lórí gáàsì kó hó, kẹ́ ẹ tó gbé e sí wọ́mà, ìwọ̀n tá a máa lò lẹ sì máa gbé síná torí a kì í dá ọbẹ̀ tá a ti tún gbóná padà sí firíìjì.

Ìrẹsì tó ti wọ wọ́mà kì í padà sí firíìjì rárá. Aago 4 tó bá kù, tó sì ṣì wà lókè 60, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ lẹ máa jẹ ẹ́ níbí, lójú ẹsẹ̀, ẹ má dì í sí nylọ́ọ̀nù gbé lọ sí Mararaba. Mo mọ̀ pé ó le, àmọ́ gósílóò ọ̀nà Nyanya nírọ̀lẹ́ lè gbà tó wákàtí méjì, ìrẹsì yẹn á wà nínú báàgì yín ní wọ́ọ́rọ́ gẹ́lẹ́, àwọn ọmọ yín ló sì máa jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan lọ sílé ẹ bá mi sọ̀rọ̀, màá fún yín ní ìrẹsì tútù kẹ́ ẹ sè é. Ìrẹsì kan ṣoṣo tá a lè tọ́jú di ọjọ́ kejì ni èyí tí ò tíì dé orí wọ́mà, ìyẹn tá a bá sè jù fún fúráídì ráìsì ọ̀la, ẹ tẹ́ ẹ sí tíréè kó má nípọn ju ìka méjì lọ, ẹ tan fáànù sí i, kó ti wọ firíìjì láàárín wákàtí kan, ká sì lò ó tán ní ọ̀la yẹn.

Tí oníbàárà bá pè

Ẹni tó bá gbé fóònù, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì sọ pé ṣebí àwọn yòókù jẹ ẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun mẹ́rin: kí ló jẹ, aago mélòó ló jẹ ẹ́, aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, ṣé èébì ló kọ́kọ́ dé àbí inú rírun. Tó bá jẹ́ èébì, tó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, ìrẹsì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, tó wá bẹ̀rẹ̀ ní bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún, ọbẹ̀ ẹran ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn o, tó bá jẹ́ ọmọdé tàbí àgbàlagbà tàbí omi ti ń tán lára ẹ̀ ẹ ní kó lọ sọ́sípítù. Àmọ́ ó máa jẹ́ kí n mọ ojú ìwé tí màá kọ́kọ́ ṣí, kí n sì mọ páànù tá a máa dá dúró kí ẹlòmíì tó jẹ nínú ẹ̀.

Ọ̀la, aago 9, ẹ bá mi nídìí síńkì kẹ́ ẹ tó wọ éípúrọ́ọ̀nù. Mo ti ní kí ìyá tó ń ta piọ́ wọ́tà ní gééètì dì yìnyín sílẹ̀ fún wa, kálukú á yẹ tẹmọ́mítà ẹ̀ wò lójú mi, lẹ́yìn náà a máa jọ kun omi sí wọ́mà.